Àròpín, iye àárín àti p99: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń ṣírò àkókò ìdáhùn sáfà

Ẹ jẹ́ kí á mú iṣẹ́ orí ìkànnì kan tí ń jẹ́rìí sí owó sísan, kí á sì wo 100 ìbéèrè tí ó wọlé sí i láàárín ìṣẹ́jú kan. 90 nínú wọn rí èsì gbà ní 80 ms (ms kan jẹ́ ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), 8 gbà á ní 200 ms, ṣùgbọ́n 2 tí ó kù dúró fún 5000 ms, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún gbáko, nítorí pé gbogbo ọ̀nà tí ó wọ inú dátábéèsì ti kún, tí wọ́n sì ní láti tò. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a sì pín in sí 100, àròpín rẹ̀ jẹ́ 188 ms. Bí a bá tò wọ́n láti orí èyí tí ó yá jù dé orí èyí tí ó pẹ́ jù, iye àárín jẹ́ 80 ms, p95, tí í ṣe ìkarùndínlọ́gọ́rùn-ún lórí ìlà náà, jẹ́ 200 ms, p99 sì jẹ́ 5000 ms. Òótọ́ ni gbogbo wọn nípa ìṣẹ́jú kan náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dáhùn yàtọ̀ síra, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Má ṣe fi àròpín sọ ohun tí ojú oníbàárà rí

Kò sí ẹnì kan nínú àwọn oníbàárà wọ̀nyí tí ó dúró fún 188 ms. Àwọn tí ó pọ̀ jù dúró fún ohun tí kò tó ìdajì rẹ̀, àwọn méjì sì dúró fún ohun tí ó ju ìlọ́po 26 rẹ̀ lọ. Ìdí ni pé àkókò ìdáhùn kò lè lọ sílẹ̀ ju òdo, ṣùgbọ́n ó lè gùn dé ibi tí ó bá wù ú, nítorí náà ìbéèrè díẹ̀ tí ó pẹ́ gan-an ni ó máa ń fa àròpín sókè. Nínú àpapọ̀ 18800 ms tí a pín, ìbéèrè méjì péré ni ó kó 10000 wá. Ẹni tí ó bá rí 188 nìkan yóò rò pé gbogbo nǹkan ni ó falẹ̀ díẹ̀, yóò sì lọ máa tún kóòdù tí kò ní àrùn ṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé ìlà tí ó wà lẹ́nu dátábéèsì ni ó yẹ kí ó wò. Àmì tí a fi ń mọ̀ ni pé àròpín ga ju iye àárín lọ dáadáa. Bí ó bá ti tó ìlọ́po méjì bí ó ti rí níhìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ìwọ̀nba ìbéèrè kan wà tí ń pẹ́ gan-an.

Síbẹ̀, èmi kò fara mọ́ àwọn tí ń sọ pé kí á ju àròpín nù. John Little fi hàn ní ọdún 1961 pé bí a bá fi iye ìbéèrè tí ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan sọ àròpín àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò nínú di púpọ̀, a ó mọ iye tí ó wà nínú iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí 50 bá ń wọlé, tí àròpín sì jẹ́ 0.188 ìṣẹ́jú àáyá, nǹkan bí 9 tàbí 10 ni yóò máa wà nínú rẹ̀ nígbàkigbà. Ẹni tí ó fẹ́ mọ iye ọ̀nà tí ó yẹ kí ó ṣí sí dátábéèsì nílò irú ìṣirò yìí, p99 kò sì lè ṣe é fún un.

Má ṣe jẹ́ kí iye àárín fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀

Ká ní ìlà ẹnu dátábéèsì náà le sí i, tí 40 nínú 100 wá ń dúró fún 5000 ms, tí 60 yòókù sì ń gba 80 ms, iye àárín yóò ṣì jẹ́ 80 ms láìyẹ̀. Iye àárín dára fún mímọ bí ọjọ́ ṣe ń lọ fún oníbàárà tí nǹkan kò burú fún, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun mìíràn tí ń tàn wá jẹ ni ìbéèrè tí ó kùnà kíákíá: bí dátábéèsì bá kú tí sáfà sì ń dá àṣìṣe padà ní 5 ms, gbogbo nọ́ńbà wa yóò wálẹ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ ń yá sí i. Ya àwọn tí ó kùnà sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n má ṣe yọ àwọn tí àkókò tán mọ́ lọ́wọ́ kúrò nínú ìṣirò, nítorí pé àwọn gan-an ni wọ́n dúró pẹ́ jù.

Má ṣe ro p99 pọ̀ kí o wá pín in

Èyí ni ó ń dùn mí jù, nítorí pé ó máa ń wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù àwọn tí ó ti kúrò ní ìpele àròpín tipẹ́. Ká ní sáfà 10 ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìbéèrè 1000. Ní ti mẹ́sàn-án, gbogbo ìbéèrè parí ní 100 ms. Ní ti ẹ̀kẹwàá, tí dísìkì rẹ̀ ti ń kú lọ, 800 parí ní 100 ms, 200 sì gba 4000 ms. p99 àwọn mẹ́sàn-án jẹ́ 100, ti ẹ̀kẹwàá jẹ́ 4000. Ẹni tí ó bá rò wọ́n pọ̀ tí ó pín in sí 10 yóò kọ 490 ms sínú ìròyìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìbéèrè 10000 tí ó wọlé, 200 ni ó pẹ́, ìyẹn ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà p99 gbogbo iṣẹ́ náà lápapọ̀ jẹ́ 4000 ms.

p99 jẹ́ ipò kan lórí ìlà, a kò sì lè fi ipò orí ìlà mẹ́wàá mọ ipò orí ìlà kan tí a kò tò. Ohun tí a lè rò pọ̀ ni iye ìbéèrè tí ó parí lábẹ́ àlà kọ̀ọ̀kan, bíi iye tí kò ju 100 ms lọ àti iye tí kò ju 250 ms lọ. Bí Prometheus, ètò tí ń kó ìwọ̀n iṣẹ́ sáfà jọ, bá ni ẹ ń lò, èyí kò tọ́:

```
avg(histogram_quantile(0.99,
  rate(http_request_duration_seconds_bucket[5m])))
```

Èyí ni ó tọ́, nítorí pé ó kọ́kọ́ ro iye abẹ́ àlà pọ̀ láti ara gbogbo sáfà kí ó tó wá p99:

```
histogram_quantile(0.99,
  sum by (le) (rate(http_request_duration_seconds_bucket[5m])))
```

Àṣìṣe kan náà ni pípín p99 ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú kí a lè rí ti ọjọ́ kan, pàápàá níwọ̀n bí ìbéèrè tí ń wọlé lóru kò ti tó ti ọ̀sán.

Má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé p99 tí kò ní ìbéèrè tó lábẹ́

Ẹ padà wo ìbéèrè 100 wa. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn méjì tí ó pẹ́ bá ti rí ọ̀nà gbà ní 80 ms, p99 ì bá já láti 5000 sí 200. Lórí iṣẹ́ tí ìbéèrè rẹ̀ kò pọ̀, ẹ ṣírò rẹ̀ lórí wákàtí tàbí ọjọ́, tàbí kí ẹ lo p95.

Àlà tí a yàn náà ní ipa tirẹ̀. Láàárín àlà méjì, Prometheus ń méfò ni, bí ẹni pé ìbéèrè tò déédéé láti ọ̀kan dé èkejì, nítorí náà bí àlà bá fò láti ìṣẹ́jú àáyá 1 sí 2.5, èsì lè yàtọ̀ púpọ̀ sí òótọ́. Bí ìbéèrè bá sì kọjá àlà tí ó kẹ́yìn, àlà yẹn gan-an ni yóò dá padà; p99 tí ó dúró gbagidi sí 10 fún wákàtí púpọ̀ kì í sábà túmọ̀ sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ohun tí ó ń sọ ni pé ìwọ̀n ti tán. Bí ẹ bá ti ṣèlérí fún oníbàárà pé èsì kò ní ju 300 ms lọ, ẹ fi àlà kan sí 0.3 gan-an. Ìdá àwọn tí ó kọjá á yóò jẹ́ kíkà, kì í ṣe ìméfò, ẹ ó sì lè ṣírò rẹ̀ láti ara gbogbo sáfà fún gbogbo oṣù náà.