Bí Mo Ṣe Gbé Màmá Mi Sí Etí Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ Lórí Fóònù

Màmá mi ta ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ títí orúnkún wọn fi kọ̀ fún wọn. Nígbà tí ọjọ́ ìbí 70 ọdún wọn ń bọ̀, fọ́tò ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n ní àwọn ń fẹ́, èyí tí ọ̀sà máa wà lẹ́yìn àwọn. Wọn ò sì lè sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi mọ́. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu: màá yà wọ́n nínú àgbàlá, màá fi áàpù ọ̀fẹ́ yọ ògiri kúrò, màá sì fi ọ̀sà sí i.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe bàjẹ́. Àwọ̀ gèlè Màmá àti ti ògiri wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, ibi tí àwọ̀ bá sì ti jọra ni áàpù kì í ti mọ ibi tí èèyàn parí sí. Ó gé apá kan gèlè náà dànù bí ẹni pé eku jẹ ẹ́. Létí apá bùbá léèsì wọn, ògiri ṣì ń yọjú láti inú àwọn ihò kéékèèké.

Ní ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo ta bẹ́díṣíìtì aláwọ̀ búlúù tó dúdú kìrìkìrì sórí okùn ìsáṣọ. Mo ní kí Màmá dúró níwájú rẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́rin, kí òjìji wọn má bàa ṣubú lé e. Oòrùn wà lápá òsì èmi tí mò ń yà wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, gèlè jáde láìsí àbùkù.

Ọ̀sà ni mo fara balẹ̀ sí jù. Mo lọ síbẹ̀ ní aago márùn-ún kan náà, mo dúró kí oòrùn lè wà lápá òsì mi, mo sì gbé fóònù sí ọ̀gangan àyà bí mo ṣe gbé e nígbà tí mo ń ya Màmá. Ibi tí fóònù bá ga dé ni ojú ọ̀run àti omi ti máa ń pàdé nínú fọ́tò. Tí ẹ bá ya ẹnì kan ní ọ̀gangan àyà, tí ìpàdé omi àti ọ̀run wá bọ́ sí orúnkún rẹ̀, yóò dà bí òmìrán. Tí oòrùn bá sì wá láti apá ọ̀tún lórí omi, tó wá láti apá òsì lójú èèyàn, ojú á mọ̀ pé irọ́ ni.

Etí apá léèsì ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe. Mo fẹ̀ fọ́tò náà títí ihò kọ̀ọ̀kan fi tó èékánná, mo tẹ "Erase", mo sì ń pa búlúù inú wọn rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbà mí ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Irun funfun díẹ̀ tó yọ lábẹ́ gèlè ni ọwọ́ mi ò ká, áàpù ti gé e dànù, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lójú fóònù, ó dára gan-an. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tẹ fọ́tò lórí WhatsApp, nípasẹ̀ "Document", kí WhatsApp má bàa sọ ọ́ di kékeré. Ó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò yìí kéré jù fún fíréèmù yín o."

Àṣé fọ́tò tí fóònù mi yà ní píkísẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò, 3000 níbùú àti 4000 lóòró, ṣùgbọ́n 800 sí 1067 ni áàpù náà ń jẹ́ kí èèyàn gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Fíréèmù Màmá jẹ́ íǹṣì 8 sí 10. Kí fọ́tò tó dán lórí bébà, nǹkan bí 300 píkísẹ́ẹ̀lì ló yẹ kó wà nínú íǹṣì kan, ìyẹn 2400 sí 3000. Tèmi ò ní ju 100 lọ, ojú Màmá á sì ṣú.

Mo padà sídìí iṣẹ́ náà. Nínú fọ́tò tí mo yà, Màmá ò gbà ju ìdajì gíga rẹ̀ lọ, ilẹ̀ àti òfìfo ló gba ìyókù. Mo kọ́kọ́ gé e títí ó fi ku wọn láti ìbàdí sókè kí n tó gbé e sínú áàpù. Gbogbo 800 sí 1067 náà wá bọ́ sára wọn, ojú wọn sì ní píkísẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dùn mí pé mo tún ní láti fọwọ́ ṣe etí léèsì láti ìbẹ̀rẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ ní íǹṣì 5 sí 7, níbi tí íǹṣì kan ti ní bíi 150, a sì fi páálí funfun yí i ká kó lè kún inú fíréèmù. Tí ẹ bá gbé e sún mọ́ ojú, ó ṣú díẹ̀. Lára ògiri, kò hàn.

Màmá gbé e dání pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìka kan ọkọ̀ ojú omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká wọn, wọ́n ní, "Ta ló ni èyí? Kò sí níbẹ̀ láyé ìgbà tèmi."