Bí a ṣe ń fi áàpù ọ̀fẹ́ múra ìdánwò nígbà tí kò bá gbà wá láyè mọ́

Ọjọ́ méjìlá ló kù kí àbúrò mi obìnrin ṣe ìdánwò báyọ́lọ́jì nígbà tí àwòrán àgádágodo kékeré kan yọ lójú fóònù rẹ̀. Káàdì ìbéèrè 360 ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ sínú áàpù náà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó dáhùn ogójì péré, áàpù ní ó tó, àfi tó bá sanwó.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gba káàdì mi!"

Wọn ò gba nǹkan kan. Oṣù àkọ́kọ́ tó fi ń lò ó fàlàlà, àsìkò ìtọ́wò ni. Ìtọ́wò ti parí tipẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀, torí pé káàdì ló ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, kò tíì fi wọ́n dán ara rẹ̀ wò. Ohun tí a ṣe nìyí, ẹ lè ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí wọ́n ń kà gan-an. Ẹ wọ "Settings", kí ẹ tẹ "Subscription" tàbí "Plan", kí ẹ lè mọ ipò tí ẹ wà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ojú ìwé tí wọ́n kọ iye owó sí, kí ẹ ka ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀fẹ́ wé èyí tí à ń sanwó fún. Nínú ti àbúrò mi, káàdì títẹ̀ kò lópin. Yíyí káàdì síwájú sẹ́yìn láti kà á náà kò lópin. Ìbéèrè tí áàpù fúnra rẹ̀ ń béèrè tó sì ń máàkì nìkan ni wọ́n fi sí ogójì lójúmọ́. Ìyàtọ̀ yìí ló gbà wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ìgbà tí kíkà náà ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Áàpù mìíràn ń ka ọjọ́ láti ọ̀gànjọ́ òru, òmíràn ń ka wákàtí 24 láti ìgbà tí ẹ dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́. Ẹ kọ àkókò tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tún gbìyànjú láàárọ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni àbúrò mi bẹ̀rẹ̀. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, àgádágodo ṣì wà níbẹ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ ló tó kúrò. Òun sì rèé, àárọ̀ lorí rẹ̀ máa ń jí pépé.

Ẹ wá ṣírò. Bí ó bá fẹ́ kí áàpù bi òun ní káàdì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, 1,080 ìbéèrè nìyẹn. Ogójì lọ́nà ọjọ́ méjìlá kò ju 480 lọ. Nítorí náà, a fi ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ yí gbogbo káàdì lásán, láìfọwọ́ kan ìbéèrè rárá. Èyí tó bá mọ̀ kó tó yí i, ó yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àádọ́rùn-ún ló ṣòro fún un. Ọjọ́ mẹ́wàá tó kù fún wa ní 400 ìbéèrè, a sì nílò 360 láti béèrè àádọ́rùn-ún náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọjọ́ méjì ìsinmi yẹn náà ló jẹ́ kó lè sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí aago mẹ́fà àárọ̀.

Ìgbésẹ̀ tí mo rọ̀ yín kí ẹ má fò ni kíkó káàdì yín jáde. Ẹ wá "Export". Àwọn áàpù kan ń ti ìyẹn pàápàá mọ́ ẹni tí kò sanwó. Bí ti yín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe àdàkọ àwọn káàdì náà díẹ̀díẹ̀ sínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán. Ìlà kan fún káàdì kan, bọ́tìnnì Tab láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn:

```
ẹ̀dọ̀fóró	ẹ̀yà ara tí a fi ń mí
```

Anki, áàpù káàdì ìbéèrè mìíràn, lè gba irú fáìlì yìí wọlé. Ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà, AnkiDroid náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí Android, ṣùgbọ́n owó ni ti iPhone. Ẹ má bẹ̀rù bí ó bá dúró lẹ́yìn káàdì tuntun 20 lójúmọ́: kì í ṣe àgádágodo, ẹ yí iye náà padà níbi "New cards/day".

Bí ẹ bá sì pinnu láti san oṣù kan, ẹ rántí pé yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù kò dá owó dúró. Inú ilé ìtajà áàpù tí ẹ ti sanwó ni ẹ ti máa fagi lé e.

Nígbà tí ó ku ọ̀la ìdánwò, káàdì méje ló ṣì ń ṣì í lọ́nà. Ó dà wọ́n kọ sórí bébà kan, ó sì pa fóònù.