Ìkòkò ń hó, kòkòrò ò kú: àṣìṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí láàbù

Láàárín oṣù mẹ́ta, ẹni mẹ́rin ló pè mí pé kí n wá wo láàbù tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí: méjì ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀kan ní Ṣágámù. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti náwó sórí ẹ̀rọ, wọ́n ti kun ògiri, wọ́n ti gbé àga aláwọ̀ sí ibi tí aláìsàn ń jókòó sí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ni kòkòrò àrùn ń jáde láàyè láti ẹ̀yìnkùlé wọn lójoojúmọ́. Ó dùn mí, nítorí owó tí wọ́n fi ṣe àṣìṣe yìí pọ̀ ju owó tí wọn ìbá fi ṣe é dáadáa lọ.

Mi ò ní kọ́ yín ní ìbọ̀wọ́ wíwọ̀ tàbí pé kí ẹ má jẹun lórí tábìlì iṣẹ́. Ẹni tí kò bá tíì mọ ìyẹn, kò tíì tó ẹni tí ń ṣí láàbù.

Èkíní ni kábínẹ́ẹ̀tì ààbò, àpótí aláfẹ́fẹ́ tí a ń ṣí ohun tí kòkòrò àrùn lè wà nínú rẹ̀ sí: ẹ má ra ohun tí kì í ṣe kábínẹ́ẹ̀tì ní owó kábínẹ́ẹ̀tì. Àbúrò mi ti Ṣágámù mú mi wọlé tayọ̀tayọ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó, kábínẹ́ẹ̀tì ààbò rèé." Mo ní kó tan án. Mo ya bébà ìnuwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo dì í mú síwájú ẹnu rẹ̀, bébà náà sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bọ̀ sí àyà mi. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti tà á ní ohun mìíràn. Tábìlì aláfẹ́fẹ́ mímọ́ ni, èyí tí ń dáàbò bo ohun tí a gbé sórí rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀. Ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń bọ̀ wá sójú ẹni. Ẹni tó bá ṣí ike kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀, imú ara rẹ̀ ni yóò máa fẹ́ ẹ sí. Kábínẹ́ẹ̀tì ààbò tòótọ́, irú onípò kejì tí láàbù wa nílò, máa ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti iwájú, á sẹ́ ẹ mọ́ kó tó tú u jáde. Bébà yẹn ìbá fà sínú ni. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ ipele ààbò ló bí àṣìṣe yẹn. Mẹ́rin ni ipele tí wọ́n pín láàbù sí. Ipele kìíní wà fún kòkòrò tí kì í dá ẹni tí ara rẹ̀ le gúnlẹ̀. Ipele kejì ni ti àwa tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀, itọ̀ àti ìgbẹ́ wò, tí tífọ́ọ̀dì, éèdì àti àrùn mẹ́dọ̀wú lè wà nínú wọn. Ẹ̀kẹta wà fún irú kòkòrò tí ń gba inú afẹ́fẹ́ ranni, bí ẹni fẹ́ gbin kòkòrò ikọ́ ife. Ẹ̀kẹrin ni ti irú Ebólà àti ibà Lásà, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lásà ní Bọ́nú pè láti 1969. Àbúrò mi rò pé bí òun bá ti ní kábínẹ́ẹ̀tì, òun ti dé ipele kẹta, ó sì fẹ́ máa gbin kòkòrò ikọ́ ife. Ipele kì í ṣe ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ilé fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀: ìlẹ̀kùn méjì tí èèyàn ń gbà wọlé, àti afẹ́fẹ́ tí ń wọ inú yàrá tí kì í jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Tí ẹ bá fura sí ibà Lásà lára aláìsàn, ẹ má ṣí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ pe ọ́físà tí ń ṣọ́ àjàkálẹ̀ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Èkejì ni bílíìṣì, tí gbogbo wa ń pè ní jíìkì láìka ẹni tó ṣe é sí. Ọ̀pọ̀ láàbù ni mo ti bá báàfù bílíìṣì tí wọ́n pò lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n ṣì ń ju nǹkan sí ní Ọjọ́bọ̀. Òórùn rẹ̀ ṣì wà, wọ́n sì gbà pé agbára rẹ̀ náà wà. Bílíìṣì tí a ti po omi mọ́ ń rọ lójoojúmọ́, oòrùn àti ooru sì ń mú kó yára. Ẹ̀jẹ̀ àti ìdọ̀tí tí ẹ ń jù sí i náà ń jẹ agbára rẹ̀ run kó tó kan kòkòrò kankan. Tuntun ni kí ẹ máa pò láràárọ̀.

Ìwọ̀n pípò rẹ̀ kò le. Ẹ ka ara ìgò. Fún ẹ̀jẹ̀ tó dà sílẹ̀, bílíìṣì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 0.5% ni a ń wá. Tí ìgò bá sọ pé 3.5%, ẹ fi 0.5 pín 3.5, ó jẹ́ 7, ẹ yọ 1 kúrò, ó ku 6: ife bílíìṣì kan sí ife omi mẹ́fà. Tí ó bá jẹ́ 5%, ife kan sí mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá fi ojú wọ̀n ọ́n yóò fi owó ṣòfò tàbí kó máa fi omi lásán nu tábìlì.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà, ẹ má nù ún lójú ẹsẹ̀, ńṣe lẹ máa tàn án kálẹ̀. Ẹ fi bébà ìnuwọ́ bò ó, ẹ rọra da bílíìṣì sí i láti etí wá sáàárín, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán. Ẹ kó bébà náà sínú àpò ìdọ̀tí àrùn, kí ẹ tún bílíìṣì tuntun dà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ojúkò náà bá jẹ́ irin, ẹ fi omi ṣàn án lẹ́yìn náà kó má baà dípẹtà. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú irú B lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ fún ọjọ́ méje, ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò rí mọ́.

Ẹ má da itọ̀ tàbí ohun ìfọṣálángá olómi kíkan mọ́ bílíìṣì. Èéfín tí yóò jáde níbẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ìkòkò onípírẹ́ṣọ̀ tí a fi ń pa kòkòrò, èyí tí àwọn kan ń pè ní ọtokiléèfù. Ibí ni mo fẹ́ dúró sí, nítorí níbí ni mo ti rí ohun tí kò jẹ́ kí n sùn.

Àbúrò kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ń gbin kòkòrò láti inú itọ̀ àti egbò. Ní ìrọ̀lẹ́, ó kó abọ́ pẹẹrẹsẹ tó ti lò, bí ogójì, sínú àpò ọ̀rá kan, ó so ẹnu rẹ̀ pinpin, ó tì í wọ inú ìkòkò. Ó tan gáàsì. Bí aago pírẹ́ṣọ̀ ti dé pọ́n-ún 15, ó ka ìṣẹ́jú 15, ó pa á. Téèpù ìdánwò ooru tó lẹ̀ mọ́ ara àpò náà ti di dúdú. Ó fi hàn mí pé, "Àǹtí, ẹ ò rí i, ó ti kú."

Mo ní kó jẹ́ kó tutù, ká tú àpò náà. Abọ́ òde ti yọ́, ó ti dà bí àkàrà tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo tọwọ́ bọ àárín, mo fa abọ́ kan yọ. Ó ṣì rí roboto, ó le, kò tẹ̀ rárá. Mo ṣí i. Ágà inú rẹ̀, ohun tó dì bí ẹ̀kọ tí a ń gbin kòkòrò sí, dúró gbọn-in, àmì ibi tí ó fi wáyà fà sí ṣì wà lórí rẹ̀, tòun ti kòkòrò, wọ́n ń dán.

Ẹ rò ó wò. Ágà máa ń yọ́ ní nǹkan bí 85°C. Tí ágà àárín kò bá yọ́, ooru tó dé ibẹ̀ kò tó ìyẹn, ká má tilẹ̀ sọ 121°C tí a ń wá. Téèpù kò purọ́. Ohun tó sọ ni pé ooru kan ara òun níta, kò sọ ohun kankan nípa àárín.

Ohun mẹ́ta ló fà á. Àpò tí a so pinpin kò jẹ́ kí èéfín gbígbóná wọlé, afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ sì bo àwọn abọ́ bí aṣọ òtútù. Èkejì, kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ìkòkò jáde kó tó ti fọ́ọ́fù. Afẹ́fẹ́ lè bá èéfín ti aago dé pọ́n-ún 15 kí ooru inú má tíì tó 121. Ìkẹta, ìṣẹ́jú 15 tí a ń kà yẹn, ti omi àti ohun èlò mímọ́ ni. Ìdọ̀tí tí a kó jọ ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. A pín abọ́ náà sí àpò méjì, kí ìkòkò má kún. A fi ẹnu àpò sílẹ̀ láìso, a da omi bí ife kékeré kan sínú rẹ̀ kó lè di èéfín níbẹ̀. A fi ìlà ìdánwò kan, èyí tí ń yí àwọ̀ nígbà tí ooru àti àkókò bá tó, sáàárín àwọn abọ́. A ṣí fọ́ọ́fù sílẹ̀ títí èéfín fi ń jáde láì dáwọ́ dúró, a tún fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà la tì í. Ìgbà tí aago dé pọ́n-ún 15 la bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò, wákàtí kan gbáko. A pa iná, a jẹ́ kí aago padà sí òdo fúnra rẹ̀ ká tó ṣí ìdérí. Gbogbo abọ́ ló yọ́, ìlà ìdánwò àárín sì yí àwọ̀. Gáàsì tó lò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gáàsì àtẹ̀yìnwá ló ti ṣòfò, nítorí kò pa nǹkan kan.

Ẹ má gbé ohun tí bílíìṣì wà nínú rẹ̀ sínú ìkòkò yìí. Èéfín kúlórìnì ni yóò máa jáde nínú fọ́ọ́fù, sí yàrá tí ẹ wà.

Ti abẹ́rẹ́, ìrírí mi ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni mo ju abẹ́rẹ́ kan sínú garawa ìdọ̀tí nítorí àpótí abẹ́rẹ́ ti kún. Ìyá tí ń bá wa gbálẹ̀ tẹ ìdọ̀tí náà mọ́lẹ̀ kó lè dí i, abẹ́rẹ́ sì gún un ní àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n fi omi àti ọṣẹ fọ ọ́, wọ́n sì gbé e lọ gba oògùn ìdènà éèdì lọ́jọ́ náà, nítorí kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72. Ọjọ́ 28 ló fi lo oògùn yẹn, tí inú ń rún un, tó ṣì ń gbálẹ̀. Àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, tí àpótí bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, èmi fúnra mi ni mo ń tì í pa. Ẹ má sì fi ìdérí padà sórí abẹ́rẹ́ tí a ti lò.

Iná ẹ̀yìnkùlé kì í yọ́ abẹ́rẹ́, ó kàn ń jó ike tó bò ó ni. Ní ọ̀kan nínú láàbù Ìjẹ̀bú-Òde méjèèjì, mo fi igi tú eérú inú kòtò wọn. Abẹ́rẹ́ tí mo kà níbẹ̀ kọjá ogún, wọ́n dúdú, ẹnu wọn ṣì mú, ọmọ ilé kejì sì ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ bá ilé ìwòsàn tó ní ààrò ìdọ̀tí ìṣègùn sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa gba àpótí abẹ́rẹ́ yín. Ẹ kọ ọjọ́ àti iye àpótí tó jáde sínú ìwé, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i.