Nígbà tí ìwé ìkéde iṣẹ́ ṣíìfù bá dá wàhálà sílẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: A ti lẹ ìwé náà mọ́ ògiri, àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń sọ pé àwọn kò rí i.

Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ lọ́wọ́, kí ó sì buwọ́ lùwé pé òun ti gbà á.

Ìbéèrè: Ìwé wa sọ pé ètò tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò múra?

Ẹ kọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀. Mo ti sọ èyí fún àwọn tí ó ń kọ irú ìwé yìí ní Abẹ́òkúta títí ó fi sú mi.

Ìbéèrè: Àwọn tí ó ń jáde ní aago mẹ́wàá alẹ́ ní àwọn kì í rí ọkọ̀.

Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Ọbańtókò, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lápá Lafẹ́ńwá, kò lè gbára lé ọkọ̀ èrò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ yóò bá pèsè bọ́ọ̀sì, ẹ kọ ibi tí yóò ti máa dúró àti aago tí yóò gbéra sínú ìwé kan náà. Bí kò bá ní pèsè rẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní gbangba, nítorí pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi yín nìyẹn.

Ìbéèrè: A kọ ọ́ pé wákàtí iṣẹ́ kò yí padà, síbẹ̀ wọ́n ní a ti fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ àwọn.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wákàtí 168 ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ̀rọ kò bá ní dákẹ́ tọ̀sán-tòru, tí ẹ sì pín òṣìṣẹ́ sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, wákàtí 56 ni yóò kan ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan; bí ẹ bá pín wọn sí mẹ́rin, 42 ni. Ẹni tí ó ti ń ṣe wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, 40 ni ó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ẹ tilẹ̀ ní ọ̀wọ́ mẹ́rin, wákàtí méjì ti gorí tàtẹ̀yìnwá.

Ètò tí ó wọ́pọ̀ ni àárọ̀ méjì, ọ̀sán méjì, alẹ́ méjì, ìsinmi méjì. Ọjọ́ mẹ́jọ ni èyí fi ń yípo, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méje ni ọ̀sẹ̀, nítorí náà òṣìṣẹ́ yóò ṣe wákàtí 40 ní ọ̀sẹ̀ kan, yóò sì ṣe 48 ní òmíràn. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, mẹ́fà yóò jẹ́ 40, méjì yóò jẹ́ 48. Ẹ kọ èyí sínú ìwé náà, kí ẹ sì sọ bóyá ẹ óò san owó ófátáìmù lórí ohun tí ó lé. Ẹ má sì ṣe yí ètò náà sódì, kí ọ̀sán máa ṣáájú àárọ̀: ẹni tí ó jáde ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí ẹ tún ní kí ó wọlé ní aago mẹ́fà àárọ̀, wákàtí mẹ́jọ péré ni ó ní láti fi lọ sílé, jẹun, sùn, kí ó sì padà wá.

Ìbéèrè: Alẹ́ kan èrò pọ̀ jù, alẹ́ kejì kò sí ẹnikẹ́ni nídìí ẹ̀rọ. Ṣé wọn kò mọ ìwé kà ni?

Wọ́n mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Èmi náà bá àléébù yìí jà fún ìgbà pípẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí ó ń rọ omi sínú ike, mo sì fẹ́ sọ bí ó ṣe rí.

Aago mẹ́jọ àárọ̀, mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àti méjìlá òru ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ọ̀wọ́ níbẹ̀. Ìwé náà sọ pé kí ọ̀wọ́ kìíní wọlé “ní aago méjìlá, òru ọjọ́ Ẹtì”. Àwọn kan dé ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ nígbà tí aago méjìlá kù díẹ̀, torí pé bí ó bá ti lu méjìlá, ọjọ́ Ẹtì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù jókòó sílé títí di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, torí pé alẹ́ tí ó tẹ̀lé ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n mọ̀ sí òru ọjọ́ Ẹtì. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣe ohun tí ìwé wí.

A kọ́kọ́ fi déètì sí i, ṣùgbọ́n kò yanjú, nítorí pé aago méjìlá òru wà láàárín déètì méjì, kálukú sì ń mú èyí tí ó wù ú. A wá sún ìpààrọ̀ sí aago mẹ́wàá alẹ́, mẹ́fà àárọ̀ àti méjì ọ̀sán. Rúdurùdu náà dín kù, kò sì tán. Àwọn àgbà Mùsùlùmí kan ṣì ń dé ní Ọjọ́bọ̀, mo sì lọ bá wọn láti mọ ìdí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni ọjọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ sì ni òru Jímọ̀. Ìgbà náà ni mo yọ “òru ọjọ́ báyìí” kúrò nínú ìwé pátápátá, tí mo sì kọ ìwọlé àti ìjáde sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́:

“Ọ̀wọ́ kìíní yóò wọlé ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, yóò sì jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Yóò tún wọlé ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, yóò sì jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Yóò sinmi títí di aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”

Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà wọn tòrò. Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yẹn tún pa ẹjọ́ mìíràn, torí pé ẹni tí ó jáde iṣẹ́ ní àárọ̀ Àìkú kì í ka ọjọ́ náà mọ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí i pé wákàtí 48 ni ó wà láàárín ìjáde àti ìwọlé rẹ̀, yóò mọ ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Àléébù náà tún fara hàn nínú owó oṣù. Akọ̀wé tí ó ń ka wákàtí ń fi déètì pín in: wákàtí méjì fún ọjọ́ Ẹtì, mẹ́fà fún ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sì ń kọ ọ́ pé ẹni náà kò ṣe iṣẹ́ pé ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé gbogbo wákàtí mẹ́jọ náà yóò wà lórúkọ ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ wọlé, kí ẹ sì fún akọ̀wé ní ẹ̀dà tirẹ̀. Kí ìwé náà tó jáde, ẹ mú ẹnì kan láti inú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó kà á, kí ó sì sọ ìgbà tí yóò wọlé ní alẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ fún yín láìjẹ́ pé ẹ ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá ṣiyèméjì, ẹ tún un kọ.

Ìbéèrè: Àwọn kan kọ̀ jálẹ̀. A ti fẹ́ kọ ìwé ìkìlọ̀ sí wọn.

Ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ kọ́kọ́ lọ rí lọ́yà tí ó mọ òfin iṣẹ́. Abala 13 Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé àdéhùn láàárín agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, tàbí èyí tí a bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe, wà lára ohun tí ó ń fìdí wákàtí iṣẹ́ múlẹ̀, ó sì ní kí òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí 24 gbáko ó kéré tán nínú ọjọ́ méje. Abala 7 ní kí a fi àyípadà àdéhùn tó òṣìṣẹ́ létí ní kíkọ, kí oṣù kan tó kọjá lẹ́yìn àyípadà náà. Ṣùgbọ́n ìfitónilétí yàtọ̀ sí ìfọwọ́sí, lọ́yà ni yóò sì wo àdéhùn tí ẹni tí ó kọ̀ náà buwọ́ lù nígbà tí ẹ gbà á. Bí obìnrin bá wà lára àwọn tí ẹ kọ orúkọ wọn sí iṣẹ́ alẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ẹ fi ìwé náà han lọ́yà kí ẹ tó pín in rárá, nítorí pé abala 55 ka iṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ léèwọ̀ fún obìnrin, bí ó tilẹ̀ yọ àwọn kan sílẹ̀, bí àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn obìnrin tí ó di ipò alákòóso mú tí wọn kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́.