Ẹja nínú táǹkì, Bíítíáì nínú gọ́tà

Ibi méjì ni ìdin ẹ̀fọn ti ń jáde nílé wa ní Àkúrẹ́: táǹkì onísìmẹ́ǹtì tí a fi ń gba omi òjò fún aṣọ fífọ̀, àti gọ́tà ẹ̀yìnkùlé tí omi rẹ̀ kì í ṣàn.

Ẹja ẹpìyà kéékèèké mẹ́fà ni mo sọ sínú táǹkì. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, n kò rí ìdin kan mọ́. Ni mo bá sọ mẹ́rin sínú gọ́tà náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo wọn ti kú, wọ́n léfòó. Omi ìdọ̀tí yẹn kò ní atẹ́gùn tí ẹja lè mí. Owó mi gbé!

Bíítíáì ni mo wá dà sí gọ́tà, ìyẹn bakitéríà Básílọ́ọ̀sì túrínjíẹ́nsísì ísíráẹ́lẹ́nsísì. Mo wọ̀n ọ́n bí ìwé ara páálí rẹ̀ ṣe wí. Ìdin gbọ́dọ̀ gbé e mì kó tó ṣiṣẹ́. Inú ìfun ni májèlé rẹ̀ ti ń tú, tó sì ń ba ìfun jẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ìdin ti kú, ṣùgbọ́n àwọn kan tó ká bíi kọ́mà ṣì ń fò sókè sódò. Mo ti ń bú ẹni tó tà á fún mi pé ayédèrú ni, kí n tó mọ̀ pé àwọn yẹn ni ìdin tó ti dàgbà tán, tó kù díẹ̀ kó di ẹ̀fọn, wọn kì í jẹun mọ́, wọn kò sì lè gbé e mì. Wọ́n kúkú di ẹ̀fọn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ìdin tuntun tún dé, nítorí agbára rẹ̀ kì í pẹ́ nínú omi ìdọ̀tí. Ní báyìí, mo ń fi abọ́ funfun bu omi gọ́tà wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí mo bá ti rí ìdin tíńtín, mo tún un dà, n kì í dúró kó dàgbà. Ti táǹkì, ọ̀gbẹlẹ̀ nìkan ló ń bà mí lẹ́rù: bí omi bá gbẹ, ẹja parí.