Bí Mo Ṣe Ya Fèrèsé Ṣọ́ọ̀bù Mi Sórí Ìwé Kí N Tó Ra Igi Kérésì

Lọ́dún tó kọjá, mo gbé igi Kérésì kan tó ga ju èmi fúnra mi lọ láti Ọjà Ọba, níhìn-ín l'Ákùúrẹ́, wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Ìgbà tí mo fẹ́ kì í bọ inú fèrèsé onígíláàsì ni ojú mi já a. Orí rẹ̀ kan àjà, ẹ̀ka rẹ̀ ń ti gíláàsì, ó sì bo ọmọláńgidi tó wọ aṣọ tí mo fẹ́ tà. Ẹni tó tà á fún mi kò gbà á padà. Pálọ̀ ilé mi ni igi ọ̀hún ti ṣọdún.

Lọ́dún yìí, mo ní owó ò ní jáde lápò mi àfi tí mo bá kọ́kọ́ rí gbogbo rẹ̀ lórí ìwé. N kì í ṣe ayàwòrán o. Tí mo bá ya ewúrẹ́, ẹ ó bi mí bóyá àga ni.

Téèpù ìránṣọ ni èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi fi wọn fèrèsé náà. Ó fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 180, ó ga tó 150, àyè tó sì wà láàrin gíláàsì àti ògiri ẹ̀yìn jẹ́ 60. Mo ní kí sẹ̀ńtímítà 1 lórí ìwé dúró fún 10 nínú fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ ni fèrèsé ṣe di 18 ní ìbú, 15 ní òró, tó sì gba ojú ìwé fọtokópì kan tí mo dá ní ìbú. Igi, ọmọláńgidi méjì àti àpótí ẹ̀bùn, orí ìwé mìíràn ni mo ya wọ́n sí ní ìwọ̀n kan náà, mo sì gé wọn yọ kí n lè máa tì wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo gbé igi ọdún tó kọjá, tó ga tó 180, lé e: ó fi sẹ̀ńtímítà 3 ga ju fèrèsé lọ. Ẹ ò rí i pé ìwé lásán ì bá ti sọ fún mi!

Mo wá gé igi tó ga tó 120. Ó dára lójú. Inú mi ti ń dùn kí ọmọ iṣẹ́ mi tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ṣé ìdí ẹ̀ ò ní fẹ̀ jù?" Òótọ́ ni, iwájú nìkan ni mo ń wò. Mo bá ya fèrèsé náà lẹ́ẹ̀kan sí i bí ẹni tó ń wò ó láti òkè: 18 sí 6 péré. Mo mú téèpù lọ sọ́jà láìra nǹkan kan. Ìdí igi 120 yẹn fẹ̀ tó 75. Mo ya òbírí tó fẹ̀ tó 7.5 sínú àyè 6 yẹn, ó sì yọ jáde síta. Igi 90 tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó 50 ló wọ̀ ọ́, mo sì pinnu láti gbé e lé àpótí ìjókòó tó ga tó 30 kí ó lè ga bí mo ṣe fẹ́.

Ti iná Kérésì ló dùn mọ́ mi jù. Mo fi pẹ́ńsùlù fa ọ̀nà tí wáyà máa gbà nínú fèrèsé, mo tẹ òwú dúdú lé ojú ìlà náà díẹ̀díẹ̀, mo gé e, mo sì nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà. Ó jẹ́ 52, ìyẹn mítà 5.2. Mo fi mítà 2 tó dé ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì kún un. Iná mítà 10 kan ti tó. Méjì ni mo ti fẹ́ rà tẹ́lẹ̀.

Àwọ̀ ni mo fi parí. Mo lẹ àjákù aṣọ mọ́ páálí ìndómì kan: pupa àti àwọ̀ ewé ni ó tóbi jù, góòlù kò ju ìka kan lọ, nítorí bí wọ́n ṣe máa pọ̀ tó nínú fèrèsé nìyẹn. Mo gbé páálí náà sẹ́yìn gíláàsì, mo sọdá títì, mo sì fi fóònù yà á ní dúdú àti funfun. Pupa àti àwọ̀ ewé di eérú kan náà, n kò mọ èyí tó jẹ́ èyí mọ́. Léésì funfun tí mo fi sáàárín wọn ló mú kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ. Nítorí ìdí èyí, aṣọ funfun ni mo wọ̀ fún àwọn ọmọláńgidi.

Ohun kan ṣoṣo tí ìwé ò fi hàn mí ni oòrùn. Láti nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, gíláàsì náà ń dán bíi dígí, ọkọ̀ tó ń kọjá nìkan lẹ máa rí nínú rẹ̀. Mo sún àwọn ọmọláńgidi súnmọ́ gíláàsì, ó sàn díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, tí iná bá tàn, ni àwọn tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ń dúró wò ó.