Bátìrì Steam Deck mi tí kì í pé wákàtí méjì, ohun tí mo ṣe sí i ní Kàbbà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ara. Tiransifọ́mà àdúgbò wa ní Kàbbà níbí bú lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àtìgbà náà ni mo ti ń gbé ṣájà kiri bí ẹni gbé fìtílà. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ àǹtí mi ni mo ti ń ṣáàjì Steam Deck mi, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé, wọ́n ní sólà pẹ̀lú ínfátà kékeré kan, ṣùgbọ́n tó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ wọ́n á pa á, wọ́n á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, torí máṣíìnì ni mo ṣe ra sólà o, mi ò rà á torí géèmù." Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò lè bá wọn jà. Iye bátìrì tí mo bá gbé kúrò ní ṣọ́ọ̀bù nìkan ni màá fi lo alẹ́ náà.

Steam Deck ti ọdún 2022 ni tèmi, èyí tí sikirínì rẹ̀ jẹ́ LCD, kì í ṣe OLED tó dé lẹ́yìn. Sikirínì náà jẹ́ 1280x800, ó ń tún àwòrán yà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 60 Hz, bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ 40 Wh, ìyẹn wáàtì-wákàtí 40, nígbà tó wà ní tuntun. Tòkunbọ̀ ni mo ra tèmi, nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò ó ti ku 36. Ìṣirò rẹ̀ ò le: 36 yẹn ni wàá fi iye wáàtì tí ẹ̀rọ ń fà pín, èsì rẹ̀ ni wákàtí tí wàá rí lò.

Géèmù tó fa gbogbo wàhálà yìí ni ọ̀kan tó ní igbó àti ìlú ńlá, tí èèyàn ń gun ẹṣin kiri inú ẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì tó ní tóótó mẹ́ta lára, mo lọ síbi àmì bátìrì tí wọ́n kọ Performance sí, mo tẹ Advanced View kí gbogbo nǹkan lè hàn, mo wá fa Performance Overlay Level lọ sápá ọ̀tún kí nọ́ńbà lè máa jáde lójú sikirínì. Wáàtì 24 ni bátìrì ń tú jáde. 36 ÷ 24 = 1.5, ìyẹn wákàtí kan àtààbọ̀. Ká tó jẹun alẹ́ tán ó ti kú. Ohun tó tún dùn mí ni pé gbogbo wáàtì yẹn, fíréèmù, ìyẹn iye àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ò dúró lójú kan, á jẹ́ 55, á di 47, á tún padà.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé TDP Limit ni mo kọ́kọ́ sáré lọ bá. Ìyẹn ni òdiwọ̀n iná tí a gba ṣíìpù inú ẹ̀rọ láyè láti jẹ, láti wáàtì 3 dé 15. Mo rò pé mo gbọ́n, mo fà á wálẹ̀ sí 5 lẹ́ẹ̀kan náà. Inú igbó ni mo wà, kò sí èèyàn, kò sí nǹkan, fíréèmù ń ṣe 30 àti díẹ̀, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹṣin mi wọ ọjà inú géèmù yẹn ni mo rí nǹkan, fíréèmù já sí 19, ohùn ń gé, ẹṣin ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń tì. Ìdí rẹ̀ ni pé àpò kan náà ni sípíyù àti jípíyù ti ń gba iná. Èyí tó ń ṣe àwòrán ni jípíyù, èyí tó ń ronú fún gbogbo àwọn èrò ọjà yẹn ni sípíyù, tí èrò bá pọ̀ tí àpò sì kéré, wọ́n á máa já a gbà lọ́wọ́ ara wọn.

Èyí tó burú jù ni pé mi ò tan Use per-game profile. Tó ò bá tan ìyẹn, ohun tó o bá yí kì í dúró sórí géèmù kan, gbogbo ẹ̀rọ ló ń bá. Ọjọ́ kejì àbúrò mi ọkùnrin gbé e láti gbá géèmù bọ́ọ̀lù, ló bá sáré wá bá mi lẹ́yìnkùlé pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó o, mi ò ṣe nǹkan kan fún un, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, mi ò já a lulẹ̀ o." Ẹ̀rù ti bà á. Mo wo ọwọ́ òsì lókè sikirínì, wáàtì 5 àná ṣì wà níbẹ̀. Èmi ni mo bà á jẹ́, òun ló ń bẹ̀bẹ̀.

Mo wá jókòó, mo yí ọ̀nà padà. Mo tan Use per-game profile, mo dá TDP padà sí 15, mo ní kí n kọ́kọ́ pinnu iye fíréèmù tí mo fẹ́ ná. Ibí yìí ló yẹ kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀, torí tí o bá fún fíréèmù ní òdiwọ̀n, tí ṣíìpù bá ti ya ọ̀kan tán á sinmi títí àsìkò èyí tó kàn á fi tó, ìsinmi yẹn gan-an ni bátìrì tí o fi pamọ́. Tí o kò bá fún un ní òdiwọ̀n, gbogbo agbára tó bá rí ló máa fi máa sáré, bóyá ojú ẹ rí i, bóyá kò rí i.

Mo mú 40. Àwọn èèyàn máa ń rò pé 40 sún mọ́ 30 ju 60 lọ, ṣùgbọ́n ẹ wo àsìkò tí fíréèmù kan ń lò. Ní 30, mìlì-ìṣẹ́jú-àáyá 33.3 ni. Ní 40, 25 ni. Ní 60, 16.7 ni. Tí ẹ bá yọ ọ́, láti 33.3 sí 25 jẹ́ 8.3, láti 25 sí 16.7 náà 8.3. Àárín gbùngbùn ni 40 wà lójú àti lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta fíréèmù 60 lo ti yọ kúrò lọ́rùn ṣíìpù.

Mo tún ṣe àṣìṣe níbẹ̀ o. Inú sẹ́tìn géèmù fúnra rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fi 40 sí, tí sikirínì ṣì wà ní 60. Nọ́ńbà òkè ń sọ pé 40, kò yẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n tí mo bá yí kámẹ́rà, gbogbo nǹkan ń tà pẹ́pẹ́pẹ́ bí ọkọ̀ tó ń gba kòtò. 60 kò ṣeé fi 40 pín geere, ìdá kan àtààbọ̀ ló ń jẹ́, sikirínì á fi fíréèmù kan hàn lẹ́ẹ̀kan, á fi èyí tó tẹ̀ lé e hàn lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa lọ, ojú á sì mọ̀ ọ́n. Oògùn rẹ̀ ni kí sikirínì náà sọ̀kalẹ̀ sí 40 Hz. Lórí LCD yìí ó lè lọ láti 60 wá sí 40, kò lè lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀. Mo yọ òdiwọ̀n inú géèmù kúrò, mo wá fa Framerate Limit sí 40, lórí sístẹ́mù tó wà lórí tèmi ìyẹn nìkan ló ń fa sikirínì àti fíréèmù pọ̀. Ẹni tó bá rí Refresh Rate lọ́tọ̀ lórí tiẹ̀, kó fa àwọn méjèèjì sí 40. Títà yẹn dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo pe àbúrò mi kó wá wò ó, ó ní ṣé 60 ni mo dá a padà sí ni.

Wáàtì ti bọ́ láti 24 sí 18, mi ò tíì fọwọ́ kan TDP. Wákàtí méjì nìyẹn.

Ìgbà yìí ni mo wá padà síbi TDP, ṣùgbọ́n inú ọjà yẹn ni mo lọ dúró sí, láàárín èrò, mi ò lọ igbó mọ́. Mò ń fà á wálẹ̀ wáàtì kan lẹ́ẹ̀kan, màá rìn yí ọjà ká fún bí ìṣẹ́jú méjì, ojú mi ò sì kúrò lára ìlà tó ń fi àsìkò fíréèmù hàn. Ìlà yẹn ni kí ẹ máa wò, ẹ má tẹjú mọ́ nọ́ńbà 40, torí ìpíndọ́gba ni nọ́ńbà yẹn, ó lè máa sọ 40 kí nǹkan máa gé lábẹ́ rẹ̀. Ní 12 ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ. 11, 10, ó ṣì tẹ́. Ní 9 ó ń gbọ̀n díẹ̀ tí mo bá yí kíákíá. Ní 8 ó di eyín ayùn. Mo padà sí 10, mo fi síbẹ̀, bátìrì ń tú wáàtì 16 jáde.

Ẹni kan lè béèrè pé mo fi 10 sí, kí ló dé tó ń fa 16. Ṣíìpù nìkan ni TDP ń dè. Sikirínì, Wáí-Fáì, fáànù, ohùn àti àwọn nǹkan kéékèèké yòókù ń jẹ tiwọn lọ́tọ̀, wáàtì bíi 5 sí 6 ni lórí tèmi. Torí ẹ̀ ni fífà á láti 4 sí 3 kì í fi í mú nǹkan gidi wá, kò sí bí TDP ṣe máa dín èyí tí sikirínì ń jẹ. Mo dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìlàjì, inú òkùnkùn ni mo ti ń gbá a ṣáá, mo pa Wáí-Fáì, ó di 15.

Résólúṣọ̀n, ìyẹn iye píksẹ́lì tí àwòrán ní, ni mo fi sẹ́yìn, mo sì ní ìdí. Ó ní ohun tó ń ràn lọ́wọ́, ó ní ohun tí kò lè ràn. Tí fíréèmù bá ń já, tí jípíyù lókè sikirínì sì ń sọ 98 tàbí 99 nínú ọgọ́rùn-ún, àwòrán ló wúwo, tí o bá dín résólúṣọ̀n ó máa rí ìsinmi. Tí jípíyù bá wà ní 60 tí fíréèmù ṣì ń já, sípíyù ló ń rojọ́, o lè dín résólúṣọ̀n di ti fóònù àtijọ́, kò ní yí ohunkóhun padà. Tèmi jẹ́ 97 ní ọjà yẹn, ó ṣeé gbìyànjú.

Mo kọ́kọ́ lọ sí 960x600. Píksẹ́lì 576,000 ni ìyẹn, nígbà tí 1280x800 jẹ́ 1,024,000, ó ju ìdajì lọ díẹ̀. Mo fi Scaling Filter sí FSR kó lè nà án padà, ìyẹn kì í sì ṣiṣẹ́ àfi tí géèmù fúnra rẹ̀ bá wà ní résólúṣọ̀n tó kéré ju ti sikirínì. TDP lọ sí 7 pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n mi ò lè ka lẹ́tà inú géèmù náà mọ́, ewé igi dà bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n sè jù. FSR tibí yìí, àwòrán tó ti parí ló ń nà, lẹ́tà àti gbogbo ẹ̀, kò dá ẹnìkankan sí. Mo gbé e lọ sí 1152x720, ìyẹn bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún píksẹ́lì, mo sì rí i kà. TDP dúró ní 9 láìgbọ̀n, bátìrì 14. 36 ÷ 14 jẹ́ wákàtí méjì àtààbọ̀ àti díẹ̀.

Tí géèmù tiẹ̀ bá ní FSR 2 nínú sẹ́tìn rẹ̀, èyí yẹn ni kí ẹ lò, ẹ fi résólúṣọ̀n sílẹ̀ ní 1280x800, torí kò ní fọwọ́ kan lẹ́tà.

Ti bọ́ọ̀lù àbúrò mi, mo fi 60 sílẹ̀ fún un, ó ní tí bọ́ọ̀lù bá ti pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn lẹ́sẹ̀ òun, òun ti jẹ góòlù nìyẹn, mi ò sì bá a jiyàn. TDP wáàtì 8 tó géèmù yẹn. Lálẹ́ àná mo gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí gun ẹṣin ní aago méje, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógún ló ku ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ni àǹtí mi bá pè mí pé ṣé iná ti dé ládùúgbò wa ni, wọ́n ń gbọ́ pé mò ń pariwo.